Owó Tí Hòtẹ́ẹ̀lì So Mọ́lẹ̀

Ká ní ẹ gba yàrá lọ́jọ́ méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Aláúsá, 50,000 náírà lálẹ́ kan. Wọ́n fa káàdì yín, 120,000 sì di ohun tí ẹ ò lè ná: owó yàrá, pẹ̀lú 20,000 nítorí oúnjẹ. Owó náà ṣì wà ní báńkì yín. Wọ́n kàn so ó mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ 105,000. Iye yẹn ni wọ́n máa gbà, ìyókù á tú sílẹ̀.

Wàhálà dé bí ẹ bá fi káàdì mìíràn san án. Báńkì àkọ́kọ́ ò mọ̀ o! Àfi kí hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n tú owó náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè tó 30 ọjọ́ kó tó já.