Màálù tó Bímọ Tí Kò Lè Dìde

Ṣáájú ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gun Ndámà àti Jẹ́sì pọ̀ ní ibùdó ìwádìí Minankro, lẹ́bàá Bùàké wa níbí, kí wàrà lè pọ̀ sí i. Wàrà Ndámà kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í fi í sábà mú un. Jẹ́sì ni àìsàn náà ń mú jù láàárín àwọn màálù oníwàrà. Ẹni tó bá gba wàrà Jẹ́sì, kó múra de àìsàn rẹ̀.

Ibà wàrà ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó ń tan ni jẹ, nítorí ńṣe ni ara ẹran náà ń tutù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 2 kálísíọ̀mù tó ń bá lítà wàrà àkọ́fún kan lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nínú gbogbo omi ẹ̀jẹ̀ màálù lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ. Bí egungun àti ìfun kò bá tètè dí i, iṣan kò ní lágbára mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú màálù kan tó wọn kílò 350, tó bí ọmọ kẹrin lánàá. Lóru, etí rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dùbúlẹ̀, ó ká ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń sùn. Ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀: ó tutù. Imú rẹ̀ gbẹ, kò yàgbẹ́, kò jẹ àpọ̀jẹ. Témómítà ka 37, nígbà tó yẹ kó ka nǹkan bíi 38.5. Bí ara bá gbóná, tí ọmú sì wú, àìsàn mìíràn ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, torí kálísíọ̀mù tí wọ́n bá fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lè pa irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má rọ ọ́ ní agbo. Kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni agbo yóò wọ̀. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fi àpò kóríko ti ìhà rẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran.

Dókítà yóò fi igo kálísíọ̀mù bórógílúkónéètì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ títí yóò fi bá ìgbóná ara mu. Fún màálù tiwa yìí, nǹkan bíi mílílítà 350 nínú igo 500 ló máa gba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọlé, láàárín ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Ibi tí màálù ti ń kú nìyí o: iṣan ni ọkàn náà, kálísíọ̀mù tó bá yára dé ibẹ̀ lè dá a dúró. Bí igo bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń yára tó, nítorí náà kí ẹni tó gbé igo dání má gbé e sókè jù. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ìlù ọkàn. Tí ìlù náà bá ń ṣe ségesège, tàbí tó lọ sílẹ̀ lójijì, kí wọ́n rẹ igo sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n lè fa ìyókù oògùn sábẹ́ awọ.

Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, itan á máa gbọ̀n, ẹran á gùnfẹ̀, á yàgbẹ́, omi á sì sẹ̀ wínníwínní sí imú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń dìde láàárín wákàtí kan sí méjì. Àmọ́ nínú mẹ́rin, ọ̀kan lè tún ṣubú láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ má fún ọmú náà gbẹ lọ́jọ́ yẹn, ẹ fún ìwọ̀nba tó máa tó ọmọ mu, kí ẹ sì tún fọwọ́ kan etí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.