Ìyípadà Iṣẹ́ Lẹ́yìn Ogójì Ọdún: Ìgbà Wo Ni Owó Yóò Padà?

Ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tó fẹ́ kúrò ní báńkì lọ sídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sábà máa ń béèrè pé èló ni wọ́n ń san níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn nìkan kò tó. Kó wádìí iye tí yóò pàdánù kí iṣẹ́ tuntun tó sanwó ju ti àtijọ́ lọ, àti iye ọdún tí owó náà yóò fi padà.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ báńkì kan l'Ékòó ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 43 ni obìnrin náà, ₦600,000 ló sì ń gbà lóṣù. Ó fẹ́ fi oṣù mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ láìgba owó oṣù: ₦3,600,000 lọ nìyẹn. Owó ẹ̀kọ́ jẹ́ ₦400,000. Lọ́dún kìíní, iṣẹ́ tuntun ń san ₦350,000 lóṣù, ó pàdánù ₦3,000,000. Lọ́dún kejì ó di ₦500,000, ₦1,200,000 tún lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦8,200,000.

Ká ní láti ọdún kẹta, ₦750,000 ni wọ́n ń san. Ó fi ₦1,800,000 ju owó báńkì lọ lọ́dún. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ ni owó tó pàdánù yóò fi padà, yóò sì ti pé ẹni 50. Bó bá jẹ́ ₦650,000 ni wọ́n san ńkọ́? Èrè ọdún kan di ₦600,000 péré, ó sì di ẹni 59 kí owó náà tó pé. Owó ọdún kẹta ló gbé gbogbo ìṣirò yìí ró. Ẹ lọ bi àwọn tó wọ iṣẹ́ náà lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹ má bi ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹni 22.

Owó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ̀yáwó ilé tàbí ọkọ̀ tí báńkì fún òṣìṣẹ́ ní èlé kékeré, lọ́jọ́ tó bá lọ, wọ́n sábà máa ń ní kó san án tán, tàbí kí wọ́n gbé èlé rẹ̀ sókè. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà nílẹ̀ kò sọnù, ó ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n kò sí agbanisíṣẹ́ tó ń fi kún un nínú oṣù tí èèyàn kò gba owó.

Bó bá sì dájú pé wọn yóò ti ẹ̀ka yín pa láìpẹ́, ẹ má fi ₦600,000 ṣe òṣùwọ̀n mọ́. Ohun tí ẹ óò máa gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ìdájọ́ mi nìyí: ẹ fi iye tó kéré jù ṣírò. Bí owó kò bá lè padà ní ó kéré tán ọdún márùn-ún ṣáájú ìfẹ̀yìntì, ẹ má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa kọ́ iṣẹ́ tuntun náà ní alẹ́. Bí obìnrin yẹn bá fi ọdún kan kẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́, ₦3,600,000 àkọ́kọ́ kò ní lọ, owó rẹ̀ yóò sì padà nígbà tó bá ń sún mọ́ ẹni 54, kódà ní ₦650,000.