Nígbà Tí Àwòrán Ò Bá Kúrò Lọ́kàn

Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ní Bísí. Ọdún 4 ni ọkọ rẹ̀ fi yan àlè kó tó mọ̀. Ọkọ ti jẹ́wọ́, ó ti já obìnrin náà sílẹ̀, Bísí sì fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n tó bá di aago 2 òru, àwòrán àwọn méjèèjì á gbà á lọ́kàn, á tún dìde lọ tú fóònù ọkọ.

Bó ṣe ń lé èrò náà ló ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1987, Daniel Wegner ní Amẹ́ríkà sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n lu aago tí wọ́n bá rò ó. Ṣe ni aago ń dún léraléra.

Nítorí náà, kó má lé e, kó fún un ní àkókò: ìṣẹ́jú 20, aago 8 alẹ́. Èyí tó bá dé lọ́sàn-án, kó kọ ọ́ sílẹ̀ dìgbà yẹn. Kó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, owó tó bá a lọ, àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀. Ti orí bẹ́ẹ̀dì, kó fi sílẹ̀. Ìyẹn ló ń bí àwòrán tuntun. Kí ọkọ náà má sọ pé "Ṣé a ò tíì parí èyí ni?" Kó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kìíní ni Bísí á máa padà sí. (Tó bá ṣì ń pe obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn o.)

Èrò á ṣì máa wá, àmọ́ kò ní pẹ́ kó tó lọ. Tí oorun ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ 2, kó lọ rí dókítà.