Nọ́ńbà tí a rántí lábọ̀: bí a ṣe lè wá a rí lẹ́yìn omíyalé

 

Obìnrin kan tó ń ta gààrí wá sí tábìlì wa. Alájọ rẹ̀ ló ń wá. Owó àjọ oṣù mẹ́ta wà lọ́wọ́ alájọ yìí, omi ti gbé fóònù lọ, káàdì àjọ ti di ẹrọ̀fọ̀, ọjà sì ti túká. Ó ní 0806 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, 7 ló tẹ̀ lé e, 3152 ló sì parí rẹ̀. Òǹkà méjì péré ló kù.

Méjì yẹn kéré létí, àmọ́ ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà ni. Bí ẹ bá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ìpè yóò tán, ẹ ó sì máa sọ ọ̀rọ̀ owó yín fún àjèjì. Ohun tó dára jù ni kí ẹ wá ibòmíràn tí nọ́ńbà náà wà ní àkọsílẹ̀.

Síìmù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà padà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ni ìlà yín, ẹ mú NIN yín dání, wọn yóò fún yín ní síìmù tuntun tó ní nọ́ńbà yín àtijọ́. Orúkọ tí ẹ tọ́jú sórí síìmù àtijọ́ kò ní bá a wá o. Nítorí náà, bí ẹ bá rí síìmù àtijọ́ nínú ẹrẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi sínú fóònù kan. Bí kò tilẹ̀ lè pe ènìyàn mọ́, ó ṣì lè fi àwọn orúkọ inú rẹ̀ hàn.

Àwọn tó ń lo Gmail lórí fóònù wọn lè wọ contacts.google.com lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí orúkọ bá ti ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó bá. Ẹ rántí láti jáde kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dá fóònù padà fún olóhun.

Ìyá onígààrí kò ní Gmail tó rántí, ṣùgbọ́n ó ní áàpù báńkì. Ìwé ìnáwó inú áàpù kò sí nínú fóònù tó bómi lọ. Ọ̀dọ̀ báńkì ló wà. Nígbà tí síìmù rẹ̀ padà, tí áàpù sì ṣí lórí fóònù ọmọ rẹ̀, a wá oṣù tó ti ra káàdì ìpè 500 náírà fún alájọ náà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí hàn níbẹ̀ lódindi. 0816 ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 0806. Bí a bá ti pe gbogbo ọgọ́rùn-ún yẹn, a kò ní rí i láé. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí: iwájú nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì, nítorí ó jọra.

Ẹni tí kò bá fi owó ránṣẹ́ rí, kó wo WhatsApp. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà yín àtijọ́ ṣí i, àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ wà yóò padà, nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì hàn. Bó bá bi yín bóyá kó dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà, Restore ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá fò ó, ó ṣòro kó tó tún bi yín.

Lẹ́yìn èyí ni ojúlùmọ̀. Ẹ má kàn bi wọ́n pé, "Ṣé o ní nọ́ńbà alájọ?" Wọ́n lè ti kọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n tẹ òǹkà tó dá yín lójú, bíi 3152, sí ibi tí wọ́n ti ń pe ènìyàn. Ọ̀pọ̀ fóònù Android yóò mú nọ́ńbà tó ní òǹkà yẹn jáde. Ojúlùmọ̀ méjì ni kí ẹ bi, nítorí ẹnì kan lè ní nọ́ńbà tí ẹni náà ti pa tì, tó sì ti di ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹ bá pè, ẹ má kọ́kọ́ sọ iye owó yín. Ìyá onígààrí bi í pé, "Orúkọ wo lẹ kọ sórí káàdì mi? Èló ni mò ń dá lójúmọ́?" Alájọ náà dáhùn méjèèjì láìṣì, ó sì ní ìwé òun ṣì wà ní gbígbẹ.

Ní báyìí, ẹni tó bá ní síìmù tó rẹ̀ sínú omi, kó mú un wá sí tábìlì; a ní fóònù kan tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.