Ǹjẹ́ Àyè Iṣẹ́ Náà Ṣì Ṣí Sílẹ̀?

Nígbà tí a bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa a máa bi wá pé: "Ọmọ mi wá iṣẹ́ síbì kan. Wọ́n pè é, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, láti ìgbà náà a kò gbúròó wọn mọ́. Ṣé kí ó kọ̀wé sí wọn ni, àbí kí ó máa wò wọ́n níran?" Kí ó kọ̀wé ni. Bí yóò ti kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọdún 2022, a yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan tí ó ń ra kòkó wò. Ìgbìmọ̀ alákòóso wọn ti fẹnu kò láti gba akọ̀wé sítọ́ọ̀ kan. Wọ́n pe ènìyàn mẹ́rin ní oṣù Kejì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tí a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, a rí ohun tí ó fà á. Owó oṣù akọ̀wé náà kò sí nínú ìṣúná, wọ́n sì ní láti dúró de ìpàdé gbogbogbòò ti oṣù Keje kí ọmọ ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tí ó kórìíra àwọn mẹ́rin náà. Kò kàn sí ẹni tí ó rántí láti kọ̀wé sí wọn ni. Èyí kò dára, a sì sọ ọ́ lójú akọ̀wé ẹgbẹ́ náà.

A bá lẹ́tà méjì nínú fáìlì. Èkíní gùn tó ojú ewé mẹ́ta. Ẹni tí ó kọ ọ́ ka iye owó ọkọ̀ tí ó ná, ó sì ní ó dá òun lójú pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ ẹnìkan. Kò sọ irú iṣẹ́ tí ó wá, kò sì kọ ọjọ́ tí wọ́n pè é. Akọ̀wé kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe, kò sì mú un dé iwájú ìgbìmọ̀.

Èkejì, tí a kọ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, kò gùn rárá. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí:

"Sí Akọ̀wé Ẹgbẹ́. Ọ̀gá mi, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì, 2022, ẹ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ akọ̀wé sítọ́ọ̀. Mo so ẹ̀dà ìwé tí ẹ fi pè mí mọ́ èyí. N kò tíì gbọ́ èsì, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá àyè náà ṣì ṣí sílẹ̀. Bí ó bá ṣì ṣí, mo ṣì fẹ́ ẹ, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń bá oníkòkó kan kọ ìwé ìwọ̀n. Bí ẹ bá ti fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀."

Ẹ kíyè sí i. Ọjọ́ àti ẹ̀dà ìwé yẹn jẹ́ kí akọ̀wé rí fáìlì láìwá a kiri. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wọ́n, ó sì sọ ohun tuntun kan tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù Kejì. Gbólóhùn ìkẹyìn sì mú kí ó rọrùn fún wọn láti sọ pé rárá, nítorí ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ fèsì. Wọ́n ka lẹ́tà náà nínú ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fèsì pé kí ó dúró de oṣù Keje. Kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn o. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó jáde, ẹni àkọ́kọ́ ti rí iṣẹ́ mìíràn, òun nìkan ni wọ́n sì mọ̀ dájú pé ó ṣì ń fẹ́ iṣẹ́ náà.

Lẹ́tà kò lè dá àyè tí kò sí sílẹ̀. Bí èsì bá sọ pé "a ó tọ́jú orúkọ rẹ", kí ọmọ yín mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, kí ó má sì tìtorí rẹ̀ kọ iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ, kí ó mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí ọ̀kan, kí ó sì mú èyí bọ̀ wálé. Bí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, ó lè kọ ẹ̀ẹ̀kan sí i, kí ó tọ́ka sí ọjọ́ orí òǹtẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní kí ó mú owó wá kí òun tó bá a wá fáìlì, olè ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ kan ilẹ̀kùn alága lóru nítorí ọ̀rọ̀ yìí. A ti rí alága tí ó dìde kúrò nínú ìpàdé nígbà tí ó kan orúkọ ọmọ kan, nítorí pé bàbá ọmọ náà ti wá sílé rẹ̀. Ọmọ náà sì pàdánù ìbò kan tí ìbá jẹ́ tirẹ̀.