Nígbà Tí Ọlọ́jà Bá Fi Àwòrán Ọjà Ránṣẹ́ Láìsọ̀rọ̀



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n owó ọlọ́jà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń tajà ní Apẹ̀tẹ̀ a máa fi àwòrán ọjà wọn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, láìfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì í. Ẹni tí ó gbà á ní Bódìjà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù a wá máa rò ó pé: ṣé kí a bá wọn kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ni, àbí kí a sọ iye tí wọn yóò tà á, àbí kí a kọ́ wọn bí a ti í ya àwòrán tí ó dára ju èyí lọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí a fi òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní 1929 ṣe ọ̀ṣọ́ sí lára. Bí àwòrán aṣọ náà bá dé ní ọ̀sán, tí ọwọ́ ẹlòmíràn sì hàn létí aṣọ, ó ṣeé ṣe kí oníbàárà wà ní ìdúró. Bí ó bá dé ní alẹ́, tí a tẹ́ aṣọ náà dáradára, ìpolówó ni ó jọ. Àmì lásán sì ni ìwọ̀nyí. Nítorí náà kí a bèèrè ní kúkúrú pé: “Ẹ kú ọjà, mà. Ṣé oníbàárà ń dúró de iye ni, àbí ẹ fẹ́ polówó rẹ̀?” Kí a sì jẹ́ kí wọ́n fi ohùn dáhùn bí títẹ̀wé bá ni wọ́n lára. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò bèèrè nípa àwòrán yíyà. Ẹni tí oníbàárà dúró níwájú rẹ̀ kò ní àyè láti gbọ́ pé àwòrán òun ṣókùnkùn.

Bí ó bá jẹ́ iye ni wọ́n fẹ́, àwòrán kò lè sọ ọ́ fún wa. Kí a bèèrè iye tí wọ́n rà á. Ká ní wọ́n ra yáàdì 5 ní náírà 12,000, tí owó ọkọ̀ jẹ́ 600, tí àpò jẹ́ 200. Náírà 12,800 ni ó ná wọn. Bí wọ́n bá tà á ní 15,000, èrè 2,200 ni. Iye tí ó bá kéré sí 12,800, àdánù ni. Kí ará ìdálẹ̀ má ṣe fi iye tí wọ́n ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù gbà wọ́n nímọ̀ràn, nítorí oníbàárà tí ó wà ní Apẹ̀tẹ̀ kò ná irú owó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìpolówó ni, ewu ibẹ̀ ni kí a kọ ohun tí a kò rí. Kí a sọ fún wọn pé kí wọ́n ya ẹ̀yìn aṣọ náà. Ojú kan ni a ń fi ẹ̀kọ yà. Nítorí náà iṣẹ́ ara àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa hàn kedere lójú, aró a sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ jù. Bí ẹ̀yìn bá funfun ju ojú lọ, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni ó jọ, a kò sì gbọdọ̀ pè é ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí kò bá dá wa lójú, kí a bi ọlọ́jà léèrè ibi tí ó ti rà á. Ẹni tí ó gba ohun tí a kò pè é yóò dá a padà, yóò sì gba owó rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà ti wá wúlò. Iná gílóòbù pupa a máa sọ aró di dúdú. Kí wọ́n pa iná, kí wọ́n nu ojú fóònù, kí wọ́n gbé aṣọ sí ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀, níbi tí oòrùn kò ti kàn án tààrà. Kí wọ́n ya mẹ́ta: odindi aṣọ, iṣẹ́ ara rẹ̀ ní ìtòsí, àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ìpolówó kò ní ṣòro mọ́: “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, yáàdì 5, ọwọ́ ni a fi ya iṣẹ́ ara rẹ̀. Náírà 15,000. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí aró lè ṣí. Ó wà ní Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn.”

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì í, “iye” tàbí “ìpolówó”, ẹ ó gba èsì kí oníbàárà tó kúrò. Ọjà á tà o.