Fáàtì Inú Ìwé Ọjà: Èwo Ni A Ó Ṣírò, Èwo Ni A Ó Fi Sílẹ̀?

Ìwé iye owó ọjà, tí a ń pè ní ínfọ́ìsì, ni a ó jọ kà lónìí. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń rí fáàtì, owó-orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà. Òfin rẹ̀ jáde ní 1993, a sì bẹ̀rẹ̀ sí san án ní 1994. Náírà 5 lórí náírà 100 ni nígbà náà. Láti oṣù Fẹ́búárì 2020 ni ó ti di náírà 7 àti kọ́bọ̀ 50 lórí náírà 100.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí gbogbo ọjà ni a ti ń gba owó yìí. Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Jánúárì 2026 jẹ́ kí ọ̀nà mẹ́ta wà. Èkínní ni ọjà tí ó ń san fáàtì, bí ọṣẹ àti mínírà. Èkejì ni ọjà olódo: fáàtì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òdo ni iye rẹ̀. Oúnjẹ tí a kò tíì sè bí ìrẹsì, ìwé ẹ̀kọ́, àti oògùn wà nínú èyí. Ẹ̀kẹta ni èyí tí òfin yọ sílẹ̀ pátápátá, bí ilẹ̀ àti ilé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan ní ìsọ̀ ńlá ní Fẹ́sítákì, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ láti máa gba fáàtì. Oníbàárà rẹ̀ kan ra ọjà, ó sì tún háyà yàrá kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù kan. Ohun tí ó wà nínú ìwé náà nìyí:

Ìrẹsì, àpò 2: ₦120,000 (olódo)
Ìwé ìkọ̀wé, 40: ₦10,000 (olódo)
Owó yàrá: ₦20,000 (àyọsílẹ̀)
Ọṣẹ, páálí 1: ₦24,000 (ó ń san)
Mínírà: ₦16,000 (ó ń san)

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦190,000. Ẹ má ṣe ṣírò fáàtì lórí iye yìí o! Ẹ kọ́kọ́ ṣa àwọn tí ó ń san jọ: ₦24,000 àti ₦16,000 jẹ́ ₦40,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 10, ìpín kan jẹ́ ₦4,000. Ẹ yọ ìdámẹ́rin ₦4,000 kúrò nínú rẹ̀, èyíinì ni ₦1,000. Ó ku ₦3,000. Fáàtì nìyẹn. Ẹ fi kún ₦190,000, yóò di ₦193,000 tí oníbàárà yóò san.

Bí ẹ bá rí ₦14,250 níbi fáàtì, ẹ mọ̀ pé orí gbogbo ìwé ni ẹni náà ti ṣírò rẹ̀. Ó ti fi ₦11,250 lé owó yín. Ẹ ní kí ó tún un ṣe.

Ẹnì kan lè bi mí pé: “Bàbá, bí olódo àti àyọsílẹ̀ kò bá mú owó wá, kí ni ìyàtọ̀ wọn?” Oníbàárà kò lè rí ìyàtọ̀ náà. Inú ìwé ìṣirò ẹni tí ń tà ni ó wà. Òun náà ti san fáàtì níbi tí ó ti ra nǹkan. Ó san ₦2,400 lórí ọṣẹ àti mínírà, ₦300 lórí ọ̀rá tí ó fi ń di ìrẹsì, àti ₦450 lórí ọ̀dà tí ó fi kun yàrá náà.

Nínú ₦3,000 tí ó gbà, yóò yọ ₦2,400. Yóò yọ ₦300 pẹ̀lú, nítorí pé ọjà olódo kì í gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n kò lè yọ ₦450 ti ọ̀dà, torí pé ohun àyọsílẹ̀ ni ó ná an lé lórí. Àpò ara rẹ̀ ni yóò ti gbé e. Ó ku ₦300 tí yóò san fún ìjọba, kí ó tó di ọjọ́ 21 oṣù tí ó tẹ̀lé e. Kí òfin tuntun yìí tó dé, àyọsílẹ̀ ni oúnjẹ àti ìwé ẹ̀kọ́. Olùtajà kò lè yọ ₦300 ti ọ̀rá nígbà náà.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Ìrẹsì inú àpò ní ọjà Àgbojú jẹ́ olódo, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí òtẹ́ẹ̀lì sè kì í ṣe olódo mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ fáàtì sínú ìwé rẹ̀ rárá.

Ẹ ṣe èyí fúnra yín: ìrẹsì ₦60,000, ìwé ìkọ̀wé ₦5,000, ọṣẹ ₦12,000. Èló ni fáàtì? Èló ni gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Fáàtì jẹ́ ₦900. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦77,900.